Àtúnṣe Kékeré Kì í Ṣe Ẹ̀rí Pé Ìṣàn Omi Ti Dọ́gba

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Táńkì kan, A, ló ń bọ́ oríta páìpù méjì, B àti C. Gíga omi ní A jẹ́ mítà 50. Àwọn ènìyàn ń fa lítà 20 ní ìṣẹ́jú àáyá kan ní B, wọ́n sì ń fa 30 ní C. Páìpù AB, AC àti BC ló so wọ́n pọ̀. K wọn jẹ́ 0.01, 0.04 àti 0.07. Mo fojú bu mítà 38 fún B àti C, ẹ̀rọ ìṣirò mi kọ̀ ọ́, ni mo bá sọ C di 37.999. Àtúnṣe tó jáde fún B kò ju 0.24 lọ, ti C sì jẹ́ -0.21. Omi tó ń jáde láti táńkì jẹ́ nǹkan bíi lítà 52, ó sún mọ́ 50, mo sì dáwọ́ dúró. Ọ̀rẹ́ mi fi EPANET, ètò kọ̀ǹpútà tó ń ṣírò ìṣàn omi inú páìpù, ṣe é, ó ní nǹkan bíi 41 ni B, 34 sì ni C. Ta ló ṣìnà nínú àwa méjèèjì?"

Ìdáhùn: Ọ̀rẹ́ yín ló tọ̀nà. Mo tún ìṣirò yín ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀, mi ò sì rí àṣìṣe kankan nínú nọ́ńbà tí ẹ kọ. Ibi tí ẹ dúró sí nìkan ni kò yẹ ní ibi ìdúró. Ohun méjì ló tàn yín jẹ: àtúnṣe tó kéré, àti omi táńkì tó fẹ́rẹ̀ẹ́ pé. Àwọn méjèèjì ti tan ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ ṣáájú yín, nítorí náà n óò fi nọ́ńbà yín gan-an ṣàlàyé wọn.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ fohùn ṣọ̀kan lórí ọ̀rọ̀ tí a ń lò. Gíga omi ní oríta kan ni ibi tí omi ì bá gòkè dé bí a bá so ọ̀pá gígùn tó ṣí lórí mọ́ páìpù níbẹ̀, tí a sì wọn ọ̀nà náà láti ilẹ̀ ìwọ̀n kan ṣoṣo tí a yàn fún gbogbo ìlú. Omi máa ń ṣàn láti oríta tí gíga rẹ̀ pọ̀ lọ sí èyí tí tirẹ̀ kéré, ìyàtọ̀ gíga tó wà láàárín orí páìpù méjèèjì, tí mo ń pè ní h, sì ni owó tí ìṣàn náà ń san fún fífi ara gbo ògiri páìpù. K ni ìwọ̀n bí páìpù ṣe ń dènà omi. Bí ẹ bá fẹ́ mọ irú páìpù tí K yín ṣàpèjúwe, AB bá páìpù mìlímítà 150 tó gùn tó mítà 460 mu, AC bá ti mìlímítà 125 tó gùn tó mítà 740 mu, BC sì bá ti mìlímítà 100 tó gùn tó mítà 425 mu, bí a bá fi 0.02 ṣe ìwọ̀n ìfarakanra inú wọn. Níbikíbi tí mo bá ti kọ lítà lásán nísàlẹ̀ yìí, lítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan ni mo ní lọ́kàn.

Fọ́múlà méjì péré ni a nílò:

```
Q  = (h / K)^(1/2)
dH = 2 * sum(Q) / sum(Q / h)
```

Èkíní ń sọ iye omi tí ń gba inú páìpù kọjá bí a bá mọ ìyàtọ̀ gíga orí rẹ̀ méjèèjì. Èkejì ni àtúnṣe tí a ó fi kún gíga oríta tí a wà lórí rẹ̀. Ẹ ka omi tó ń wọlé sí oríta sí rere, kí ẹ ka èyí tó ń jáde sí òdì, títí kan omi tí àwọn ènìyàn ń fà. Ohun tó bá ṣẹ́kù ni sum(Q). Bí omi tó wọlé bá ju èyí tó jáde lọ, oríta náà ní àṣẹ́kù, gíga rẹ̀ gbọ́dọ̀ lọ sókè kí ó lè ti omi sẹ́yìn díẹ̀. Bí ó bá jẹ gbèsè, gíga rẹ̀ gbọ́dọ̀ wálẹ̀ kí ó lè fa omi sí i. Àpapọ̀ Q/h tó wà nísàlẹ̀ fọ́múlà ń sọ bí àwọn páìpù tó pàdé níbẹ̀ ṣe máa ń tètè dáhùn tó: bí a bá yí gíga oríta padà díẹ̀, ìṣàn inú páìpù kọ̀ọ̀kan yóò yí padà ní ìwọ̀n ìdajì Q/h fún mítà kan. Ibi tí 2 inú fọ́múlà ti wá nìyẹn. Àwọn tó ń lo òfin Hazen-Williams yóò fi 1.852 rọ́pò 2 yìí, wọn yóò sì fi òfin tiwọn wá Q. Ọ̀nà iṣẹ́ náà kò yàtọ̀.

Wàyí o, ẹ wo ìgbésẹ̀ yín àkọ́kọ́ ní B láti ìtòsí. Láti A tó wà ní 50 wá sí B tó wà ní 38, h jẹ́ 12, nítorí náà lítà 34.64 ló ń wọlé. Láti B sí C, h jẹ́ mìlímítà kan ṣoṣo, èyíinì ni 0.001, lítà 0.12 ló sì ń jáde gba ibẹ̀. Àwọn ènìyàn fa 20. Ohun tó ṣẹ́kù ní B jẹ́ lítà 14.52. Kí ẹ tó tẹ̀síwájú, ẹ dúró wo nọ́ńbà yìí dáadáa: oríta tí àwọn ènìyàn ti ń fa lítà 20 ní lítà 14 àti ààbọ̀ tí kò rí ibi gbà lọ. Ìyẹn nìkan ti tó láti fi mọ̀ pé iṣẹ́ kò tíì bẹ̀rẹ̀ rárá, kí a tó sọ pé ó parí.

Kí ló wá dé tí àtúnṣe fi jẹ́ 0.24 péré? Ẹ wo apá ìsàlẹ̀ fọ́múlà. Q/h ti AB jẹ́ 2.89. Q/h ti BC jẹ́ 119.5. Páìpù kékeré tí omi inú rẹ̀ kò tó ife kan ní ìṣẹ́jú àáyá kan ló gba gbogbo ọ̀rọ̀ mọ́ èkejì lẹ́nu. Ohun tí 119.5 ń sọ ni pé bí a bá gbé B sókè ní mítà kan, ìṣàn inú BC yóò fi nǹkan bíi lítà 60 pọ̀ sí i. Irọ́ gbáà ni. Ẹ fi h tó jẹ́ mítà kan sínú fọ́múlà àkọ́kọ́, ẹ ó rí i pé BC kò lè gbé ju lítà 3.8 lọ. Bí omi ṣe ń fèsì sí ìyàtọ̀ gíga kì í rìn ní ìlà gbọọrọ: nígbà tí h bá fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ òfo, ìlà rẹ̀ dúró ṣánṣán bí ògiri, lẹ́yìn náà ni ó wá ń tẹ̀. Fọ́múlà àtúnṣe ń wo ibi tí ẹ dúró sí nìkan, ó sì rò pé bí ibẹ̀ ṣe rí ni gbogbo ọ̀nà rí. Nítorí náà ó ṣọ́ra jù, ó sì fún yín ní 24 sẹ̀ńtímítà nígbà tí ohun tí B nílò jẹ́ mítà mẹ́ta.

Ìdí kan náà ni ẹ̀rọ ìṣirò yín fi kọ 38 àti 38. Nígbà tí h bá jẹ́ òfo, Q/h di òfo tí a fi òfo pín, kò sì sí ẹ̀rọ tó lè ṣe ìyẹn. Fífi mìlímítà kan yẹ̀ ẹ́ mú kí ẹ̀rọ gbà, ṣùgbọ́n ó fi yín sí ẹ̀gbẹ́ ògiri náà gan-an. Bí ẹ bá tún ń fojú bu gíga lọ́jọ́ mìíràn, ẹ má ṣe fi oríta méjì tí páìpù so pọ̀ sí iye kan náà. Ẹ jẹ́ kí ìyàtọ̀ wọn tó mítà kan tàbí méjì, kódà bí ẹ kò bá mọ èyí tó yẹ kó ga ju èkejì lọ. Bí ẹ bá gbé e sódì, ọ̀nà yìí yóò yí ìṣàn padà fúnra rẹ̀.

Ẹ̀tàn kejì, èyí tí mo kà sí ọlọgbọ́n jù, ni omi táńkì. Ẹ ní ó jẹ́ lítà 52, òótọ́ ni: 34.64 ní AB àti 17.32 ní AC jẹ́ 51.96. Àwọn ènìyàn ń fa 50, nítorí náà ó jọ pé lítà méjì péré ló kù. Ṣùgbọ́n ẹ ṣírò C pẹ̀lú nọ́ńbà yín: 17.32 wọlé láti A, 0.12 wọlé láti B, wọ́n fa 30, C sì jẹ gbèsè lítà 12.56. Àṣẹ́kù B jẹ́ 14.52. Ẹ yọ gbèsè kúrò nínú àṣẹ́kù, ó ku 1.96, èyí tí í ṣe ohun tí omi táńkì fi ju 50 lọ gan-an. Bí yóò ṣe máa rí nígbà gbogbo nìyẹn, nítorí pé omi táńkì jẹ́ àròpọ̀ gbogbo oríta, àròpọ̀ sì máa ń jẹ́ kí ẹni tó ní owó àti ẹni tó jẹ gbèsè pa ara wọn rẹ́. Ó dà bí ilé kan tí ẹ̀gbọ́n ní ẹgbẹ̀rún mẹ́rìnlá nàìrà lápò, tí àbúrò sì jẹ gbèsè ẹgbẹ̀rún méjìlá lójà, tí ẹnì kan wá ń wí pé ilé náà kò jẹ gbèsè. Ẹni tí àbúrò jẹ ní gbèsè kò ní gbà. Táńkì wúlò láti fi wá àṣìṣe ńlá, bíi àmì rere tí a kọ sí òdì, ṣùgbọ́n kò lè sọ fún yín pé oríta kọ̀ọ̀kan ti dọ́gba.

Ẹ jẹ́ kí a wá parí iṣẹ́ tí ẹ bẹ̀rẹ̀. N óò máa lo gíga tuntun B lójú ẹsẹ̀ nígbà tí mo bá dé C, dípò kí n ṣírò méjèèjì pẹ̀lú nọ́ńbà àtijọ́ bí ẹ ti ṣe, nítorí pé ó máa ń yá ju bẹ́ẹ̀ lọ. Táńkì kò ní àtúnṣe kankan. 50 rẹ̀ kò yẹsẹ̀. Ẹ fi 0.24 kún B, ó di 38.24. Nísinsìnyí h láàárín B àti C ti fẹ̀ díẹ̀ sí 0.238, BC ń gbé lítà 1.84, Q/h rẹ̀ sì ti já láti 119.5 sí 7.75. Gbèsè C jẹ́ 10.84, àtúnṣe rẹ̀ sì fò sí -2.36. Ẹ rí i? Bí páìpù kékeré náà ṣe kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri báyìí, àtúnṣe C ju -0.21 tí ẹ rí lọ ní ìlọ́po mọ́kànlá. C di 35.64.

Ẹ padà sí B. AB ń mú 34.30 wọlé, BC ń mú 6.09 jáde, àṣẹ́kù jẹ́ 8.21, àtúnṣe jẹ́ 3.12, B di 41.36. Ó ti kọjá ibi tó ń lọ díẹ̀, ṣùgbọ́n ìyẹn kò yẹ kó bà yín lẹ́rù. Ní C, gbèsè jẹ́ 2.02, àtúnṣe jẹ́ -1.39, C di 34.25. Ní ìyípo kẹta, B wálẹ̀ sí 41.08, C di 34.04. Ní ìyípo kẹrin, B di 41.01, C sì di 34.01, gbèsè tí mo bá ní oríta kọ̀ọ̀kan kí n tó ṣe àtúnṣe ìyípo yìí jẹ́ 0.15 ní B àti 0.05 ní C. Níbi tí gbogbo rẹ̀ ń lọ, B jẹ́ 41, C jẹ́ 34: AB gbé lítà 30, AC gbé 20, BC gbé 10. Ẹ wò ó bó ṣe gún: 30 wọ B, 20 lọ sí ilé àwọn ènìyàn, 10 kọjá sí C, 20 àti 10 pàdé ní C, wọ́n jẹ́ 30.

Mo fẹ́ kí ẹ padà lọ wo ìyípo kẹta yẹn, nítorí pé ohun kan wà níbẹ̀ tí mi ò tíì sọ. Àtúnṣe C nínú rẹ̀ jẹ́ -0.21. Nọ́ńbà kan náà tí ẹ rí ní ìbẹ̀rẹ̀ ni. Ní ìbẹ̀rẹ̀, -0.21 bá gbèsè lítà 12.56 rìn, ní ìyípo kẹta, -0.21 bá gbèsè lítà 0.28 rìn. Oríta kan náà, àtúnṣe kan náà, gbèsè tí ọ̀kan fi ju èkejì lọ ní nǹkan bíi ìlọ́po márùndínláàádọ́ta. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé kí ẹ dáwọ́ dúró nígbà tí àtúnṣe bá ti dín sí iye báyìí, ẹ bi í léèrè pé èló ni gbèsè oríta. Èmi máa ń kọ àṣẹ́kù tàbí gbèsè oríta kọ̀ọ̀kan sí ẹ̀gbẹ́ gíga rẹ̀ ní ìyípo kọ̀ọ̀kan, n kì í sì í dáwọ́ dúró títí èyí tó burú jù nínú wọn yóò fi wọ abẹ́ ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún omi tí wọ́n ń fà níbẹ̀. Fún oríta tí ẹnikẹ́ni kì í fa omi níbẹ̀, mo máa ń lo ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ìṣàn páìpù tó tóbi jù tó kan án.

Ohun kan tún wà tó rọrùn láti yẹ̀ wò: Q/h kò gbọ́dọ̀ jẹ́ òdì láéláé. Bí ìṣàn bá yí padà, Q àti h jọ ń yí àmì padà ni, ìpín wọn á sì jẹ́ rere síbẹ̀. Bí ẹ bá rí òdì nínú àpapọ̀ ìsàlẹ̀, ẹ ti yí àmì ọ̀kan padà, ẹ gbàgbé èkejì.

Hardy Cross, ọ̀jọ̀gbọ́n nípa ilé àti afárá ní Yunifásítì Illinois ní Amẹ́ríkà, ló tẹ ọ̀nà yìí jáde ní ọdún 1936, nínú ìwé kékeré kan náà tó ti ṣàlàyé ọ̀nà kejì tí gbogbo ènìyàn mọ̀ mọ́ orúkọ rẹ̀. Ọ̀nà tó gbajúmọ̀ yẹn máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìṣàn tó ti dọ́gba ní gbogbo oríta, ó wá ń tún ìṣàn ṣe títí gíga yóò fi pé yí òrùka páìpù ká. Tiwa yí i padà: gíga pé yí òrùka ká láti ìṣẹ́jú àkọ́kọ́, nítorí pé oríta kọ̀ọ̀kan ní iye kan ṣoṣo, ìṣàn ni kò tíì dọ́gba. Ìdí nìyẹn tí kò fi sí àǹfààní nínú kí ẹ máa yẹ òrùka A-B-C wò láti mọ̀ bóyá iṣẹ́ ti parí. Mítà 9 ní AB àti 7 ní BC jẹ́ 16, AC náà sì jẹ́ 16, lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà yín àkọ́kọ́ náà pé bẹ́ẹ̀, 12 àti 0.001 jẹ́ 12.001. Àyẹ̀wò tó dára fún ọ̀nà kan jẹ́ òfo fún èkejì, mo sì ti rí ìwé ìdánwò tó da méjèèjì pọ̀.

Bí nẹ́tíwọ́kì yín bá ní ọgọ́rùn-ún oríta, ẹ má ṣe fi ọwọ́ ṣe é báyìí. Oríta tó jìnnà sí táńkì kì í gbọ́ ìròyìn àfi nípasẹ̀ aládùúgbò rẹ̀, aládùúgbò náà sì ń dúró de aládùúgbò tirẹ̀. Ìyípo á wá máa lọ láìlópin, àtúnṣe á sì máa kéré ní gbogbo ibi, èyí tó máa ń jẹ́ kí ẹ̀tàn tí a ti sọ̀rọ̀ rẹ̀ túbọ̀ rọrùn. EPANET máa ń tún gíga gbogbo oríta ṣe lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ní ìyípo kọ̀ọ̀kan, nítorí náà ni ó fi yára. Ṣùgbọ́n kò sí ohun tó lè kọ́ni bí oríta méjì tí a fi ọwọ́ ṣe.

Ohun tó kù ni ìlò èsì yín, ibẹ̀ ni èmi náà sì ti jìn sí kòtò rí. Nígbà tí mo ṣì kéré nínú iṣẹ́, wọ́n fún mi ní ìwé tí wọ́n kọ ìfúnpá omi oríta mẹ́fà sí láti ojú géèjì, mo sì fi wọ́n ṣe gíga omi tí kò yẹsẹ̀, bíi ti táńkì, láìfi gíga ilẹ̀ kún un. Ìyípo lọ geere, gbèsè àwọn oríta yòókù di òfo, inú mi dùn. Èsì sọ pé omi ń ṣàn láti inú àfonífojì gòkè lọ sí táńkì. Fọ́múlà kò mọ ohun tí ẹ wọ̀n, yóò mú ohunkóhun tí ẹ bá fún un dọ́gba. Nítorí náà, ẹ yọ gíga ilẹ̀ kúrò kí ẹ tó sọ̀rọ̀ nípa ìfúnpá. Bí a bá gbà pé ilẹ̀ ní C ga tó mítà 22 láti ilẹ̀ ìwọ̀n kan náà tí ẹ fi wọn táńkì, nọ́ńbà tí ẹ dúró lé lórí ń sọ pé ìfúnpá tó wà níbẹ̀ tó mítà 16, nígbà tí ó jẹ́ pé mítà 12 péré ni. Ilé alájà kan kò ní mọ ìyàtọ̀ náà, ṣùgbọ́n ẹni tó gbé táńkì rẹ̀ sórí ilé alájà mẹ́rin, tí ẹnu táńkì náà ga tó mítà 14 láti ilẹ̀, kò ní rí omi kankan kó wọ inú rẹ̀.